Nígbà tí “a” kan sọnù nínú ìméèlì mi

Ìbéèrè: “Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ó ti pé ọdún 9 tí mo ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ nílùú òyìnbó, kò sì sí ẹni tí ọ̀rọ̀ mi kì í yé. Ṣùgbọ́n gbogbo ìméèlì tí mo bá kọ, ọ̀gá mi á dá a padà, á ní ‘the’ sọnù níbí, ‘a’ pọ̀ jù lọ́hùn-ún. Báwo ni mo ṣe lè máa rí àṣìṣe yìí fúnra mi kí n tó fi ránṣẹ́? Àbí kí n kúkú lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì?”

Àbúrò, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ rẹ, inú mi sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Ohun tí ojú mi rí lórí “a” kan ṣoṣo, mi ò tíì gbàgbé ẹ̀ títí di òní.

Ilé ìkẹ́rùsí kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ ẹrù tí ọkọ̀ bá já sílẹ̀ wò, kí n sì kọ ìméèlì sí oníbàárà tó ni ín pé báyìí ni a ṣe bá a. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọkọ̀ já páálí táìlì 240 sílẹ̀. Mo yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Páálí 17 ló ti fọ́: igun wọn ti tẹ̀ wọlé, bí o bá sì gbé wọn mì, wàá máa gbọ́ bí àfọ́kù ṣe ń ró nínú wọn. Mo ya fọ́tò, mo kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀, mo wá jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo kọ èyí:

```
Delivery received. There were few damaged cartons.
Photos are in our file.
```

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé páálí díẹ̀ ti fọ́, kí wọ́n wá wò ó. Ohun tí oníbàárà kà ni pé èyí tó fọ́ kò tó nǹkan, kí ó má da ara rẹ̀ láàmú. Ó sanwó fún ọlọ́kọ̀ lọ́jọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 7 péré ni ìwé àdéhùn òun àti ọlọ́kọ̀ fún un láti sọ pé ẹrù bàjẹ́. Ó di ọjọ́ kọkànlá kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó já páálí, tí wọ́n rí àfọ́kù. Ọlọ́kọ̀ ní ọjọ́ ti kọjá. Oníbàárà bá fi ìméèlì mi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi, ó ní ohun tí òṣìṣẹ́ yín kọ ni òun gbára lé.

Wọ́n pè mí jókòó síwájú èèyàn mẹ́ta. Mo kó fọ́tò mi dání, mo kó ìwé tí mo kọ nọ́ńbà páálí sí dání. Obìnrin tó wá láti ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ò tiẹ̀ wo fọ́tò. Ó ní kí ló dé tí mo fi bò ó mọ́lẹ̀. Mo ní mi ò bo nǹkan kan mọ́lẹ̀, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé díẹ̀ fọ́. Ó ní rárá, ohun tí mo kọ kọ́ nìyẹn. Mo ní kí ló wá dé, kí ni mo kọ? Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí wọ́n fi èdè náà mu ọmú ìyá wọn, kò sí ẹni tó lè ṣàlàyé fún mi. “Kò dún dáadáa létí” ni wọ́n ń sọ ṣáá. Nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú la fi wà níbẹ̀. Wọ́n fún mi ní ìwé ìkìlọ̀, ó sì wà nínú fáìlì mi fún oṣù 12. Mi ò sun oorun gidi fún ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí pé òpùrọ́ ni wọ́n pè mí, lórí lẹ́tà kan.

Ohun tí mo kọ gan-an nìyí, kò sì sí ẹni tó là á fún mi, èmi fúnra mi ni mo rí i nínú ilé. Ìyàwó mi wà ní kíṣìn lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, “Ọbẹ̀ ṣẹ́ kù díẹ̀.” Mo bá gbé abọ́ dìde. Mo ní ká ní ó sọ pé “Ọbẹ̀ tó ṣẹ́ kù ò tó nǹkan” ni, mi ò bá jókòó. Àṣé ọ̀nà méjì nìyẹn! “A few” àti “a little” ni “díẹ̀ wà” tiwa, ó ń sọ pé nǹkan ń bẹ. “Few” àti “little” láìsí “a” ni “kò tó nǹkan”, ó fi ara jọ kò sí. Yorùbá ń lo ọ̀rọ̀ méjì tó jìnnà sí ara wọn pátápátá, òyìnbó sì gbé gbogbo ìyàtọ̀ náà lé “a” kékeré yẹn lórí. Ká ní mo kọ ọ́ báyìí ni, ọ̀rọ̀ ò bá má dé ibẹ̀ rárá:

```
17 of the 240 cartons are damaged.
```

Láti ọjọ́ yẹn, bí iye bá wà, iye ni mo máa ń kọ. Má sì gbẹ́kẹ̀ lé ìlà pupa tí kọ̀ǹpútà máa ń fà sábẹ́ ọ̀rọ̀. Kò lè mú irú èyí, nítorí Gẹ̀ẹ́sì tó tọ́ ni méjèèjì, ìtumọ̀ wọn ló yàtọ̀.

“The” ni ọ̀rọ̀ tìrẹ dá lé jù, bí mo ṣe rí i. Wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé “náà” ni “the”. Àwọn tíṣà wa ló kó wa sí i, nítorí “náà” tiwa, ẹ̀yìn ló máa ń wò: ohun tí a ti dárúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ la máa ń fi í tẹ̀ lé. Bí o bá dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, o ò ní sọ pé “Dẹ́rẹ́bà náà dà?” nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ dẹ́rẹ́bà. “Dẹ́rẹ́bà dà?” ni wàá sọ, gbogbo èèyàn á sì mọ ẹni tí ò ń wá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ irú èyí:

```
I will ask driver to wait at gate.
```

Géètì kan péré ni ilé ìkẹ́rùsí yẹn ní, dẹ́rẹ́bà tó ń bọ̀ lọ́jọ́ yẹn kò ju ẹyọ kan lọ, oníbàárà sì mọ̀. Tí ẹni tó ń kà á bá ti lè fúnra rẹ̀ mọ èyí tí ò ń wí, ìbáà jẹ́ pé o ò tíì dárúkọ rẹ̀ rí, “the” gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀: “the driver”, “the gate”.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń dúró níwájú ọ̀rọ̀ orúkọ kọ̀ọ̀kan, mo máa ń bèèrè pé “Èwo?”, bí ẹni pé ẹni tó ń kà á ló ń bi mí. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ti mọ ìdáhùn, “the” ni. Bí ìdáhùn bá jẹ́ “èyíkéyìí” tàbí “ọ̀kan kan báyìí, o ò mọ̀ ọ́n”, “a” ni. Bí ìbéèrè yẹn ò bá tiẹ̀ bá ọ̀rọ̀ mu, nítorí pé gbogbo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lò ń wí tàbí pé òyìnbó kì í ka nǹkan ọ̀hún ní ọ̀kan, méjì, má fi nǹkan kan sí i.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo kọsẹ̀ lé lórí lẹ́yìn ìwé ìkìlọ̀ yẹn. Ẹ̀rù ń bà mí, mo bá ń fi “the” sí ibi gbogbo. Mo kọ sí máníjà ẹ̀ka míì pé:

```
The customers do not like late delivery.
```

Mo fẹ́ sọ pé oníbàárà, níbikíbi, kì í fẹ́ kí ẹrù pẹ́. Ó fi fóònù pè mí kíá, ó ní àwọn oníbàárà wo ló ń ráhùn, kí n kó orúkọ wọn wá. Kò sí ẹni tó ráhùn. “Customers” lásán ni kí n kọ. Nítorí náà, “the” tó pọ̀ jù náà lè fa ẹjọ́, má jẹ́ kí ìbẹ̀rù ọ̀gá rẹ sọ ẹ́ di ẹni tó ń fọ́n ọn káàkiri.

Nípa ohun tí òyìnbó kì í kà: àwa lè sọ pé “ìmọ̀ràn kan” tàbí “ìmọ̀ràn méjì”, àwọn kì í sọ bẹ́ẹ̀. “Advice”, “information”, “equipment”, “feedback”, “luggage”, o ò gbọ́dọ̀ fi “a” tàbí “an” síwájú wọn, o ò sì gbọ́dọ̀ fi “s” sí ìdí wọn. Bí ẹyọ kan lo bá fẹ́ sọ, “a piece of advice” ni.

Jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, nítorí mo rí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó kọ̀wé wáṣẹ́ láìpẹ́ yìí. Etí ló ń yan “a” tàbí “an”, kì í ṣe ojú. “An NYSC certificate” ni, nítorí pé “ẹn” ni ẹnu fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá ń pe lẹ́tà wọ̀nyẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n “a NAFDAC number” ni, nítorí a kì í pe lẹ́tà tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọ̀rọ̀ kan la ṣe ń pè é. Yunifásítì náà ní tirẹ̀: “the University of Ibadan” gba “the”, “Obafemi Awolowo University” kò gbà á. Orúkọ tó ní “of” láàárín ló sábà máa ń gbà á. Bí o bá sì ń kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ìyàwó rẹ wà lórí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, “in hospital” làwọn ará ibẹ̀ máa ń kọ, láìsí “the”. Bí o bá fi “the” sí i, wọ́n lè rò pé ó kàn wà nínú ilé náà ni, bóyá ó lọ kí ẹnìkan. Ní Amẹ́ríkà, “in the hospital” ni wọ́n ń sọ fún méjèèjì.

Kí o tó tẹ bọ́tìnì, tẹ `Ctrl+F`, kí o wá “few”, kí o wá “little”. Wò wọ́n dáadáa. Lẹ́yìn náà, wá àwọn ọ̀rọ̀ orúkọ tó jẹ mọ́ iṣẹ́ rẹ: “manager”, “driver”, “office”, “gate”, “invoice”. Nígbà tí mo kó ìméèlì mi 30 jọ lọ́jọ́ Sátidé kan tí mo ń fi pẹ́ńsù sàmì sí wọn, ibi orúkọ wọ̀nyẹn ni “the” ti ń sọnù jù lọ́wọ́ mi. Kó àwọn tí ọ̀gá rẹ dá padà jọ bákan náà, tìrẹ lè yàtọ̀.

Ti kíláàsì ńkọ́? Wọ́n fi tipátipá ní kí n lọ, Sátidé mẹ́fà gbáko. Ọjọ́ kìíní, bí a ṣe ń kí ènìyàn nínú lẹ́tà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kẹta, mo nawọ́, mo bèèrè ìyàtọ̀ “few” àti “a few”. Tíṣà ní bó bá pẹ́, ó máa mọ́ mi lára. Ọdún 14 ni mo ti lò nínú èdè náà nígbà yẹn! Bí o bá fẹ́ lọ, fi fóònù pè wọ́n kí o tó sanwó, kí o bi ẹni tó máa kọ́ ẹ ní ìbéèrè kan yẹn. Bí kò bá lè là á yé ẹ lórí fóònù, fi owó rẹ sápò.