Abẹ́rẹ́ túúlu: ta ló tọ́ sí?

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n lè fún mi ní abẹ́rẹ́ túúlu tuntun yẹn?"

Ẹ̀gbọ́n, iye ọjọ́ tí túúlu ń mú yín lóṣù ni dókítà máa kọ́kọ́ bi yín. Àbúrò mi tó ń rẹ àdìrẹ ní Ìtòkú ń fi báírò pupa sàmì sí kàlẹ́ńdà: ọjọ́ 9 lóṣù kan. Nílùú Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, ó kéré tán ọjọ́ 4 lóṣù, kí oògùn ìdènà 3 sì ti kùnà. Púrópuránólọ́ọ̀lù nìkan ni àbúrò mi ti lò nínú wọn, fún ọ̀sẹ̀ 2 péré! Ìyẹn ò tíì kùnà; ó máa ń gba bí oṣù 2.

CGRP ni ohun tí iṣan ìmọ̀lára ń tú jáde tí túúlu fi ń le. Abẹ́rẹ́ náà ló ń dí i lọ́wọ́; lóṣooṣù, lábẹ́ awọ, ni wọ́n sábà máa ń gún un. Kì í pa èyí tó ti bẹ̀rẹ̀ o. Ẹ sọ fún dókítà tí ẹ bá lóyún.