Búlọ́ọ̀kù, kọnkéré àti irin fún fẹ́ǹsì pulọ́ọ̀tì kan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹnjiníà. Mo ra pulọ́ọ̀tì kan ní Ìbàdàn, mítà 15 sí 30. Mo fẹ́ mọ fẹ́ǹsì yí i ká, kí n sì fi géètì ńlá kan àti kékeré kan síwájú. Bíríkìlà mi ní kí n ra búlọ́ọ̀kù 2,500. Kò sọ ti irin rárá, ó ní tá a bá dé ibẹ̀ a ó mọ̀. Ṣé búlọ́ọ̀kù yẹn kò pọ̀ jù? Irin àti sìmẹ́ǹtì mélòó ni kí n fọkàn sí?

Ìdáhùn: Bíríkìlà yín kò rẹ́ yín jẹ. Mo mọ ibi tó ti rí iye yẹn. Ó mú mítà 90 tó yí ilẹ̀ náà ká, ó sọ ọ́ di ìlọ́po gíga ògiri láti inú ìpìlẹ̀ dé òkè, ìyẹn mítà 2.75, ó wá ka búlọ́ọ̀kù 10 sí mítà kan níbùú àti lóròó. Ó já sí 2,475, ló bá pè é ní 2,500. Ohun tó fò ni pé búlọ́ọ̀kù 10 yẹn jẹ́ ti èyí tí a tò láìsí mọ́tà láàárín. Ẹnu géètì náà kì í jẹ búlọ́ọ̀kù, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí òpó kọnkéré bá dúró sí.

Kọ́ọ̀sì, ìyẹn ìlà búlọ́ọ̀kù kan yí ògiri ká, ni èmi fi máa ń kà á. Ká ní géètì ńlá yín fẹ̀ tó mítà 3.6, tí kékeré fẹ̀ tó 0.9, tí òpó géètì sì jẹ́ mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30. Gbogbo rẹ̀ gba mítà 5.4, ó ku 84.6 fún ògiri. Nínú ìyẹn, a ó gbé òpó kéékèèké dúró ní mítà mẹ́ta-mẹ́ta, ó máa tó 28. Íńṣì 9 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀, nítorí náà wọ́n á gba mítà 6.3. Ohun tó kù fún búlọ́ọ̀kù ni mítà 78.3. Búlọ́ọ̀kù kan pẹ̀lú mọ́tà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 47.5, kọ́ọ̀sì kan á sì jẹ 165.

Ní ìsàlẹ̀, kọ́ọ̀sì mẹ́ta oní-íńṣì 9 tó. Méjì á wọlẹ̀ pátápátá, ẹ̀kẹta á yọrí díẹ̀ lókè ilẹ̀. Lórí rẹ̀ ni kọ́ọ̀sì mẹ́jọ oní-íńṣì 6 máa wà, fẹ́ǹsì náà á sì ga ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7. Tí ẹ bá fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kún un nítorí èyí tó máa fọ́, ẹ ó ra oní-íńṣì 9 tó 520 àti oní-íńṣì 6 tó 1,390. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,910. Owó búlọ́ọ̀kù bíi 600 tí kò bọ́ sọ́wọ́ bíríkìlà yẹn ni kí ẹ gbé lọ sọ́dọ̀ oníirin.

Irin òpó kéékèèké kò le kà rárá. Òpó kan gba irin 12 mílì mẹ́rin. Láti ìpìlẹ̀ dé òkè, pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ tí a tẹ̀ sínú kọnkéré, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 3. Irin tí wọ́n ń tà lọ́jà sì jẹ́ mítà 12, nítorí náà odindi irin kan á tó òpó kan, ẹ ra 28. Rìǹgì tí a fi ń dè wọ́n jẹ́ irin 8 mílì, ní sẹ̀ǹtímítà 20 síra wọn.

Òpó géètì ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí, torí ibẹ̀ ni fẹ́ǹsì ti máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Géètì onírin wúwo, ó sì ń fa òpó náà sínú ní gbogbo ìgbà. Tí ìpìlẹ̀ òpó kò bá jìn ju ti ògiri lọ, láàárín ọdún díẹ̀ ẹ ó rí i pé ẹnu géètì ti ń họ ilẹ̀. Ẹ ó tún rí àlàfo láàárín òpó àti ògiri, tó fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ. Àlàfo tó bá rí bẹ́ẹ̀, òpó ló ń yẹ̀. Àwọn mìíràn á ní kí wẹ́dà gé ẹsẹ̀ géètì kúrò, ṣùgbọ́n òpó kò ní tìtorí ìyẹn dúró.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ihò òpó géètì kọ̀ọ̀kan jìn tó mítà 1.2. Kí kọnkéré ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 90 níbùú àti lóròó, kó sì nípọn tó 30, pẹ̀lú irin 12 mílì tí a tò ní àgbélébùú nínú rẹ̀. Kí òpó fúnra rẹ̀ ní irin 16 mílì mẹ́rin. Òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jẹ odindi irin 16 mílì mẹ́rin lápapọ̀. Ẹ fi bíìmù kọnkéré so ẹsẹ̀ wọn pọ̀ lábẹ́ ẹnu géètì, kí ọkọ̀ máa gùn ún kọjá. Ẹ pe wẹ́dà kí wọ́n tó da òpó, kó lè so irin tí ìdè géètì máa jókòó lé mọ́ irin 16 náà. Ìdè tí wọ́n bá gbẹ́ ihò fún lẹ́yìn tí kọnkéré ti gan kì í pẹ́ mì. Ẹ má sì gbé géètì kọ́ kó tó pé ọjọ́ 28.

Tí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, irin 12 mílì á jẹ́ 33, irin 16 mílì á jẹ́ mẹ́rin, irin 8 mílì á jẹ́ 31. Ẹ gbé irin sórí òṣùwọ̀n kí ẹ tó sanwó. Irin 12 tó pé mítà 12 gbọ́dọ̀ wọ̀n tó kílò 10.6. Irin 16 gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 19. Èyí tó bá fúyẹ́ gan-an sí i kò tó ìwọ̀n tí wọ́n pè é, ohun yòówù tí oníṣọ̀ọ̀bù ìbáà sọ.

Kọnkéré ìpìlẹ̀ ògiri fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó nípọn ní 15. Pẹ̀lú òpó gbogbo, bíìmù ẹnu géètì, ìdérí orí fẹ́ǹsì àti ìfiṣòfò, ó tó mítà kúbíìkì 15.5. Tí a bá pò ó ní 1:2:4, sìmẹ́ǹtì kan sí yanrìn méjì àti gíráníìtì mẹ́rin, ó gba àpò sìmẹ́ǹtì 100. Mọ́tà ìtòbúlọ́ọ̀kù á gba bíi 34. Ẹ ra gíráníìtì tọ́ọ̀nù 20 àti yanrìn tọ́ọ̀nù 22. Ìrẹ́ ògiri kò sí nínú èyí o.

Ohun kan wà tí kò náni lówó: ẹ ní kí wọ́n fi ihò omi sílẹ̀ nínú kọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ lókè ilẹ̀ ní apá tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ fẹ́ǹsì tó wó nígbà òjò, omi tí kò rọ́nà jáde ló tì í ṣubú. Tí ilẹ̀ yín bá jẹ́ àkùrọ̀, tàbí ilẹ̀ tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ kún láìpẹ́, iye tí mo kọ sókè yìí fún ìpìlẹ̀ kò bá a mu. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan gbẹ́ ihò wò kí ẹ tó ra ohunkóhun.