Ogójì Ọmọ: Ṣé Ìwé Ìbéèrè Ni Àbí Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Olùkọ́ kíláàsì kẹrin ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí Ìtòkú, Abẹ́òkúta. Ogójì ọmọ ni mo ń kọ́. Àwọn kan máa ń pa ilé-ìwé jẹ, mo sì fura pé iṣẹ́ àdìrẹ ilé wọn ló ń fà á. Ó wù mí kí n fi ṣe ìwádìí àṣekágbá mi. Ṣé kí n pín ìwé ìbéèrè kí n sì ṣírò ni, àbí kí n fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò? Ṣé ìyọ̀ǹda ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sì tó?

Ìdáhùn: Ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ ni yóò yan ọ̀nà fún yín. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ aláàdìrẹ ń pa ilé-ìwé jẹ ju ọmọ mìíràn lọ, kíkà ló bá a mu, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ bí iṣẹ́ náà ṣe ń dá ọmọ dúró sílé ni, ẹ ní láti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ àti òbí rẹ̀. Ogójì ọmọ kò tó gbé ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ogún ọmọ wá láti ilé aláàdìrẹ, tí ogún kò sì wá láti ibẹ̀, pé méjìlá nínú àwọn ti àkọ́kọ́ ló pa ju ọjọ́ márùn-ún jẹ ní táàmù kan, nígbà tí ó jẹ́ mẹ́jọ nínú àwọn tó kù. Ìyẹn jẹ́ 60 nínú ọgọ́rùn-ún sí 40, ó sì tóbi lójú. Ṣùgbọ́n bí ẹni méjì bá sọ owó onírin sókè nígbà ogún lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a sì ka iye ìgbà tí orí hàn, àlàfo mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò wà láàárín wọn ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, láìsí ìdí kankan. Àlàfo tí ẹ rí kò lè fi hàn pé àdìrẹ ló fà á, kò sì lè ṣojú fún Abẹ́òkúta lápapọ̀.

Nítorí náà, ẹ fi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ṣe òpó ìwádìí yín, kí ẹ sì fi rẹ́jísítà tì í lẹ́yìn. Rẹ́jísítà yóò jẹ́ kí ẹ rí bóyá ọjọ́ tí ọmọ kò wá lẹ̀ mọ́ra, bí ìgbà tí àìsàn bá mú un, tàbí ó ń bọ́ sí àwọn ọjọ́ kan náà lọ́ọ̀sẹ̀ lọ́ọ̀sẹ̀. (Àwa olùkọ́ náà mọ̀ pé a máa ń sàmì pé ọmọ tó dé láago mẹ́wàá wà, nítorí náà rẹ́jísítà kò sọ gbogbo òtítọ́.) Lẹ́yìn náà, ẹ yan bí ọmọ mẹ́jọ. Ẹ má ṣe mú kìkì àwọn tó ń pa ilé-ìwé jẹ. Ẹ fi àwọn ọmọ aláàdìrẹ tí kì í pa á jẹ kún un, nítorí àwọn gan-an ni yóò fi hàn yín bóyá iṣẹ́ náà ni ìṣòro, tàbí ohun mìíràn bí owó ìwé tàbí títọ́jú àbúrò.

Ẹ̀yin fúnra yín kọ́ ló yẹ kó bi wọ́n. Bí olùkọ́ bá bi ọmọ pé, “Ṣé iṣẹ́ ìyá rẹ ni kì í jẹ́ kí o wá?” ọmọ tó mọ ohun tí olùkọ́ ń retí yóò dáhùn pé “Bẹ́ẹ̀ ni, mà,” ọ̀rọ̀ sì ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ wá ẹnìkan tí kì í kọ́ wọn, kí ó sọ pé, “Sọ fún mi bí àná ṣe lọ láti ìgbà tí o jí.” Ibẹ̀ ni ẹ ó ti gbọ́ ẹni tó jókòó di ìko títí ilẹ̀ fi ṣú. Kí ìjókòó náà wà níbi tí ojú àgbà mìíràn ti lè tó wọn ṣùgbọ́n tí etí kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn.

Ní ti ìyọ̀ǹda, ti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kò tó. Ó lè ṣílẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ fún yín, kò lè fọwọ́ sí i dípò òbí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé. Ẹ kọ́kọ́ gba ìfọwọ́sí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí ní ilé-ìwé gíga yín, kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti ọ̀gá. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà sí òbí ní Yorùbá, kí ẹ ka á fún ẹni tí kò lè kàwé, kí ó sì tẹ̀ka bí ó bá gbà. Kò dára kí ẹ kọ ọ́ pé ẹni tí kò bá fèsì ti gbà, nítorí lẹ́tà lè wà nínú báàgì ọmọ fún oṣù kan.

Lẹ́yìn òbí, ọmọ fúnra rẹ̀ ní láti gbà. Ẹ sọ fún un pé kò sí máàkì nínú rẹ̀, kò sí ìyà, ó sì lè dìde lọ nígbàkúùgbà. Bí ó bá dákẹ́, tó ń wo ilẹ̀, tó ń yí aṣọ mọ́ ìka, ẹ kà á sí pé kò fẹ́, bí ìyá rẹ̀ tilẹ̀ ti fọwọ́ sí i. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti sọ fún un pé bí ó bá ní ẹnìkan ń ṣe é níjàǹbá, ẹ kò ní lè fi ìyẹn pamọ́, ẹ ó sọ fún ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́. Kí ẹ sì ti mọ ẹni náà ṣáájú.

Fífi nọ́ńbà dípò orúkọ nìkan kò lè bo ọmọ mọ́lẹ̀ nínú kíláàsì kan ṣoṣo. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé “ọmọ kẹta, ìbejì, tí ìyá àgbà rẹ̀ ń pa aró,” gbogbo àdúgbò ti mọ ọ́n. Ẹ yọ ìbejì kúrò, ẹ kọ “mọ̀lẹ́bí” dípò ìyá àgbà, kí ẹ sì pa ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ rẹ́ lórí fóònù nígbà tí ẹ bá ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ tán, tí ẹ sì ti yẹ̀ ẹ́ wò.