Ọmọ tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́: ọ̀dọ̀ ọ̀gá oníwáyà ni àbí pólì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o sà. Ọmọkùnrin mi pé 17, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba èsì WAEC, kírẹ́díìtì márùn-ún, Máàsì, Físíìsì àti Òyìnbó wà níbẹ̀. Fáànù tó bá bàjẹ́ nílé, òun ló ń tún un ṣe. Bàbá ẹ̀ ní pólì ló máa lọ, èmi fẹ́ mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá oníwáyà kan. Èwo ni ká ṣe? (Màmá kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Tó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ló máa kọ́kọ́ lọ, pólì á tẹ̀ lé e. Èsì WAEC kì í ṣá, ti JAMB ló jẹ́ pé ọdún kan péré ló ń lò. Ẹ wo ọjọ́ orí ẹ̀: ọdún méjì lọ́dọ̀ ọ̀gá, ó di 19. ND ọdún méjì, ó di 21, ọdún kan tí wọ́n máa ń fi ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó padà wọlé, HND ọdún méjì, ó di 24. Ẹni tó bá ti lé ní 30 nígbà tó jáde ni kò ní sin ìjọba, torí náà àyè ṣì pọ̀. Ẹ sì sọ fún bàbá ẹ̀ pé ND nìkan ò mú èèyàn dé NYSC o, àfi kó ṣe HND.

Ìdí tí mo fi ní ọ̀gá kọ́kọ́: ọdún àkọ́kọ́ ní pólì, Máàsì, yíya àwòrán iṣẹ́ àti tíọ́rì ló pọ̀ jù, wákàtí díẹ̀ ni wọ́n ń lò ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù láàárín ọ̀sẹ̀, ọmọ tọ́wọ́ ẹ̀ ń yún lè rò pé òun ṣìnà. Tí wọ́n bá wá lọ SIWES olóṣù mẹ́rin, ẹni tó ti mọ páláyà dì mú ni wọ́n máa ń mú lọ sáìtì, àwọn tó kù á máa lọ ra oúnjẹ, wọ́n á sì bá wọn sáìnì lógíbúùkù náà ni.

Ṣùgbọ́n kó má dúró sọ́dọ̀ ọ̀gá o. Wọ́n pè mí sí ilé kan tí inífátà wọn kì í lè gbé iná mójú mọ́. Ẹni tó ṣe é mọ iṣẹ́ ọwọ́, wáyà ẹ̀ tò dọ́gbadọ́gba, ó wuni í wò. Nǹkan tí wọ́n ń lò lóru tó bíi 1,000 wáàtì, wákàtí mẹ́fà, ìyẹn 6,000. Bátìrì olómi mẹ́rin ló gbé síbẹ̀, 12 fóòtì, 220 ámpì-wákàtí. Ẹ fi 12 lọ́nà 220, ó di 2,640, lọ́nà mẹ́rin, 10,560, ó sì rò pé ó ti tó, ó tún ṣẹ́kù. Bẹ́ẹ̀ bátìrì olómi, ìdajì ló yẹ kéèyàn máa lò níbẹ̀, ìyẹn 5,280, inífátà fúnra ẹ̀ á tún jẹ díẹ̀. Alaalẹ́ ni wọ́n ń fa bátìrì yẹn kọjá ibi tó yẹ, kò sì pẹ́ tó fi kú. Ìṣirò tó sá fún un yẹn ni pólì máa fi kọ́ ọmọ yín.

Wàyí o, ọ̀gá wo? Ẹ bá àwọn tó ti ṣe fírídọ̀ọ̀mù lọ́dọ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹ mọ ibi tí wọ́n wà báyìí. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ yọjú sí sáìtì ẹ̀, nọ́ńbà máa ń wà lára wáyà, 1.5 ni ti gílóòbù, 2.5 ni ti sọ́kẹ́ẹ̀tì. Tẹ́ ẹ bá rí 1.5 nídìí sọ́kẹ́ẹ̀tì, tàbí tí kò fa wáyà ẹ́ẹ̀tì, ẹ mú ọmọ yín kúrò níbẹ̀. Kí àdéhùn wà lórí ìwé: ọdún mélòó, owó ìkọ́ṣẹ́, ta ló máa ra irinṣẹ́, èló ni fírídọ̀ọ̀mù, torí ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá pé ọdún kan, ó yẹ kó lè wáyà yàrá kan fúnra ẹ̀, kí ọ̀gá kàn wá yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá jẹ́ àkàbà ló ṣì ń gbé, tó ń gbẹ́ ògiri fún páìpù látàárọ̀ dalẹ́, ẹ lọ bá ọ̀gá sọ ọ́.

Sàtífíkéètì ẹgbẹ́ tí wọ́n ń fún wọn níbi fírídọ̀ọ̀mù, ilé iṣẹ́ ńlá kì í fi bẹ́ẹ̀ kà á sí, kó lọ ṣe Tréèdì Tẹ́ẹ̀sì ti Mínísírì Lébọ̀, Gíréèdì 3 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ gan-an ni owó. Ọmọ tó bá ti ń gba owó iṣẹ́, kì í rántí ilé ìwé mọ́, torí náà kó ra fọ́ọ̀mù JAMB lọ́dún kejì, kó tó ṣe fírídọ̀ọ̀mù. Tó bá wá ní òun ò lè fi kọ́sítọ́mà sílẹ̀, ND pátáìmù wà, ọdún mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe é títí dé HND ní pátáìmù kì í lọ NYSC, kí ẹ̀yin àti bàbá ẹ̀ ti sọ ìyẹn láàárín ara yín.