Iṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì: kíkọ́ọ̀yàn ní Yorùbá, ìtumọ̀ àbí títẹ ọ̀rọ̀ inú ọ́díò?

"Wíkẹ́ńdì nìkan ni mo ráyè l'Óṣogbo níbí, mo gbọ́ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, èwo ni kí n mú?"

Kíkọ́ọ̀yàn ni o, tí iná àti dẹ́tà yín bá ṣeé gbọ́kàn lé, torí Sátidé lọ̀pọ̀ òbí ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń ráyè fọ́mọ, aago wọn ò sì ju wákàtí 1 lọ sí tiwa.

Iṣẹ́ ìtumọ̀ sábà máa ń já lu àárín ọ̀sẹ̀.

Ọ́díò ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù, ìṣẹ́jú ọ́díò ni wọ́n ń sanwó lé, kì í ṣe àkókò tẹ́ ẹ fi jókòó. Ká ní wọ́n fẹ́ san 6,000 náírà fún ọ́díò wákàtí 1, tẹ́ ẹ wá fi wákàtí 6 tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àmì ohùn, 1,000 péré ni wákàtí yín kan. Ẹ tẹ ìṣẹ́jú 5 wò ná, kẹ́ ẹ ṣọ́ aago, kẹ́ ẹ tó gbà á.