Ẹ sọ̀rọ̀ ọjọ́ kejì fún wọn

"Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní kí n bá àwọn ará àdúgbò wa sọ̀rọ̀ lórí ògógóró tó ń pani. Àwọn tó ń tà á àtàwọn tó ń mu ún ló máa jókòó síwájú mi. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Orí iná ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí láwọn abúlé etí omi, ẹnì kan á sì dìde ṣáá pé àwọn máa ń dán an wò kí àwọn tó rà á. Wọ́n á da díẹ̀ sínú ìdérí ìgò, wọ́n á ṣáná sí i. Tó bá ti jó búlúù, wọ́n ní ojúlówó ni. Mẹtanọ́ọ̀lù, ọtí ilé iṣẹ́ tí kò ṣeé mu, náà ń jó búlúù. Èèyàn ò lè fi imú tàbí ahọ́n dá a mọ̀ nínú ògógóró. Ohun tí iná ń sọ ò ju pé ọtí náà le. Irú ọtí tó jẹ́, iná ò lè sọ ọ́.

Ẹ má bá àwọn tó ń pọn ọtí jà. Ẹmu tí wọ́n fi pọn ọtí kì í sábà mú mẹtanọ́ọ̀lù tó lè pa odindi àdúgbò jáde. Ẹni tó bu mẹtanọ́ọ̀lù lé ọtí kí ó lè pọ̀ ló ń fa jàǹbá, ọwọ́ tí kẹ́ẹ̀gì sì ń gbà kọjá pọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń tà á mọ ẹni tí wọ́n ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni kí ẹ wá dúró lé lórí dáadáa. Ọkùnrin kan mu ún níbi òkú lálẹ́ Sátidé. Láàárọ̀ Sunday, ara rẹ̀ le, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́sàn-án, orí àti inú bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó ń bì. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ní gbogbo ilé ṣú fún òun bí ìgbà tí ọyẹ́ bá bo ọ̀nà. Mo na ìka sí i, kò lè kà á. Ó ń mí gúlegúle. Epo pupa ni wọ́n ti fún un mu nílé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ mu nínú kẹ́ẹ̀gì kan náà ní òun fẹ́ sùn kí ọtí dá lójú òun. Kò jí.

Ẹ̀dọ̀ ló ń sọ mẹtanọ́ọ̀lù di ásíìdì tó ń ba iṣan ojú jẹ́. Ọtí gidi tó wà nínú ògógóró náà ni ẹ̀dọ̀ á kọ́kọ́ dojú kọ, ìdí nìyẹn tí wákàtí 12 sí 24, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fi lè kọjá kí àìsàn tó yọjú. Nígbà tí irú ògógóró bẹ́ẹ̀ pa àwọn èèyàn ní Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, lóṣù kẹrin ọdún 2015, orí fífọ́ àti ojú tó ń ṣú ló kọ́kọ́ mú wọn. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú, kí àyẹ̀wò tó fi hàn pé mẹtanọ́ọ̀lù ni.

Ọkùnrin tí mo sọ yẹn yè, torí pé a gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá tó ní ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, àmọ́ ojú rẹ̀ ò padà sípò tán. Epo, mílíìkì àti àgbo ò lè fa ásíìdì yẹn jáde. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ń ṣú lọ́jọ́ kejì ọtí, kí wọ́n gbé e lọ kíákíá, kí wọ́n mú ọtí tó ṣẹ́ kù dání, kí wọ́n sì wá gbogbo àwọn tó mu nínú rẹ̀ kàn, títí kan ẹni tó ní kò sí nǹkan tó ń ṣe òun.