Wọ́n ń pè mí ní mánéjà, àmọ́ mi ò ní ọmọ iṣẹ́ kankan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Báńkì máíkírófáínáǹsì kan ní Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Síníọ̀ Rilésọ́nṣíìpù Mánéjà ló wà lórí káàdì mi, àmọ́ iṣẹ́ mi ò ju kí n máa yá àwọn oníṣòwò lówó lọ́jà Bódìjà, kí n sì máa gbà á padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí mo lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní báńkì ńlá kan, wọ́n bi mí pé èèyàn mélòó ni mò ń darí. Mi ò mọ èsì tí mo lè fọ̀. Ṣé kí n yọ orúkọ yẹn kúrò nínú síìfíì mi ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má yọ ọ́. Orúkọ tó wà nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ ni báńkì rẹ máa sọ bí ibi tuntun bá kọ̀wé béèrè nípa rẹ. Bí tìrẹ bá yàtọ̀ sí tiwọn, wọ́n á ní o parọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ńṣe lo rẹ ara rẹ sílẹ̀. Fi orúkọ náà sílẹ̀ bó ṣe wà, kí o wá la iṣẹ́ rẹ yé wọn lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tó da ọ̀rọ̀ rú ni pé ní àwọn báńkì ńlá wa, mánéjà jẹ́ ipele ìgbéga. Èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀sẹ́kútíìfù tiréènì, kó di báńkíìnì ọ́físà, kó di síníọ̀ báńkíìnì ọ́físà, lẹ́yìn náà asísítáǹtì mánéjà àti dẹ́pútì mánéjà, kó tó kan mánéjà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni. Rilésọ́nṣíìpù mánéjà ní tiẹ̀ ò sọ ipele rárá. Iṣẹ́ ló ń sọ: ẹni tí oníbàárà máa ń wá bí ó bá ní ọ̀rọ̀ bá báńkì sọ. Kódà ní báńkì ńlá, báńkíìnì ọ́físà lè máa jẹ́ ẹ. Àmọ́ nígbà tí tìrẹ tún ní síníọ̀ níwájú, ẹni tó ń ka síìfíì rẹ á rò pé ọ̀gá àgbà kan ló ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi béèrè iye èèyàn tí ò ń darí.

Nítorí náà, kọ gbólóhùn yìí sábẹ́ orúkọ iṣẹ́ rẹ: “Mò ń yá àwọn oníṣòwò kéékèèké lówó, mo sì ń gbà á padà. Mánéjà ẹ̀ka ni mò ń jábọ̀ fún. Kò sẹ́ni tó ń jábọ̀ fún mi.”

Lẹ́yìn náà, sọ ibi tí àṣẹ rẹ mọ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí á fẹ́ mọ̀ bóyá ìwọ lo ń fọwọ́ sí ẹ̀yáwó. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ìwọ lo máa lọ sí ìsọ̀ oníṣòwò, tí wàá wo ọjà tó wà nílẹ̀, tí wàá béèrè iye tó ń tà lóòjọ́, tí wàá yẹ oníduùró wò, kí o tó dá iye tó yẹ lábàá. Ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ló ń fọwọ́ sí i. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ní tèmi, ẹni tó lè wo òwò ìyá eléèlùbọ́ tí kò ní ìwé ìṣirò kankan, kó sì mọ iye gbèsè tó lè gbé láìwó, ó ní ìmọ̀ tó pọ̀ ju èyí tí orúkọ mánéjà lè fún un lọ.

Owó ni wọ́n máa béèrè tẹ̀ lé e, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Má ṣe kó gbogbo owó tí o ti yá èèyàn látìgbà tí o ti débẹ̀ pọ̀. Èyí tó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà báyìí ni kí o sọ, pẹ̀lú ìdá tí sísan rẹ̀ ti fi ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ pẹ́, èyí tó máa ń hàn bíi PAR 30 lórí ìròyìn kọ̀ǹpútà. Ká ní mílíọ̀nù 12 náírà ló wà níta. Oníbàárà kan ṣì jẹ 80,000, ó yẹ kó máa san 5,000 lọ́sẹ̀, àmọ́ ó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí kò san. Kì í ṣe 25,000 tó fò ni wàá kà. Gbogbo 80,000 náà ló ti bọ́ sínú ewu. Bí irú owó bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ 600,000 lápapọ̀, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Bí o bá ka kìkì owó tó fò, iye náà á kéré gan-an, ẹni tó mọ̀ ọ́n á sì rí i pé o dín in kù.

Bí wọ́n bá tún bi ọ́ pé èèyàn mélòó lò ń darí, dá wọn lóhùn tààrà: “Kò sí. Oníbàárà ni mò ń bójú tó,” kí o wá dárúkọ iye wọn àti iye owó tó wà lọ́wọ́ wọn. Má jẹ́ kí wọ́n béèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Kí o tó kúrò níbi tí o wà, bẹ ẹ̀ka tó ń rí sí òṣìṣẹ́ kí wọ́n kọ iṣẹ́ tí o ń ṣe ní pàtó sínú lẹ́tà ẹ̀rí rẹ. Bí wọ́n bá ní ọjọ́ tí o wọlé àti orúkọ iṣẹ́ nìkan ni àwọn máa ń kọ, ní kí mánéjà ẹ̀ka rẹ gbà láti bá ibi tuntun sọ̀rọ̀ lórí fóònù.